Ẹ̀yin ni lẹ́tà tó wà ní Drafts ń dúró dè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àbẹ̀wò oko ni mò ń ṣe, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láwọn abúlé tí mò ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ ìròyìn sínú Gmail lórí fóònù Android mi, mo rò pé tí mo bá ti dé ìlú, á lọ fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́rin ni mo kọ, ọ̀gá mi ò rí ìkankan. Mẹ́ta wà ní Drafts, ọ̀kan wà ní Outbox, wọ́n kọ Queued sí i. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ọ̀tọ̀ ni ohun tó dá mẹ́ta dúró, ọ̀tọ̀ ni ohun tó dá ẹyọ kan yẹn dúró.

Àwọn mẹ́ta tó wà ní Drafts kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà tán, tí ẹ wá tẹ ọfà tó ń padà sẹ́yìn, Gmail á tọ́jú rẹ̀ sí Drafts, á sì kà á sí iṣẹ́ tí ẹ kò tíì parí. Kódà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa já geere fún oṣù kan gbáko, kò ní kúrò níbẹ̀. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí èwo nínú wa ló fẹ́ kí lẹ́tà tó fi ìbínú kọ dé ìdajì lọ bá ọ̀gá rẹ̀?

Mo fura pé WhatsApp ló mú yín rò bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹ máa ń rí aago kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ yín, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì dé, ó ti lọ nìyẹn. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹ ti kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì tó ń fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹ kò ṣe nínú Gmail nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́ torí wọ́n gbà pé kò wúlò níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó wúlò o. Ẹ tẹ àmì tó dà bí ọkọ̀ òfuurufú bébà lókè, kódà nínú igbó. Lẹ́tà náà á bọ́ sí Outbox, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ó wá ku ẹyọ kan tí ẹ tẹ̀ dáadáa, tí kò sì lọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń dí Gmail lọ́wọ́ láti lo dátà nígbà tí ẹ kò bá ṣí i sílẹ̀. Ẹ ṣí Gmail, kí ẹ fi ìka fa ojú ìwé náà wálẹ̀. Tó bá lọ lójú ẹsẹ̀, ìgbà tí ẹ kò bá ṣí Gmail sílẹ̀ ni nǹkan ń dá a dúró. Tó bá jẹ́ pé Wáì-fáì nìkan ló fi ń lọ, tí kì í fi dátà fóònù lọ, Data Saver ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ wa ló tàn án kí dátà má bàa tètè tán, a sì gbàgbé. Ẹ lọ sí Settings fóònù, ẹ wá Data Saver, kí ẹ yọ̀ǹda fún Gmail nìkan; kò pọn dandan kí ẹ pa á pátápátá. Ibi tó wà lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn. Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ wọ Settings inú Gmail fúnra rẹ̀, ẹ tẹ àdírẹ́sì yín, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fàmì sí Sync Gmail.

Ẹ dán an wò nílé kí ẹ tó tún lọ sóko. Ẹ tan Airplane mode, ẹ kọ lẹ́tà ìlà kan sí ara yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ yẹ Outbox wò. Ẹ wá pa Airplane mode, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí Gmail. Tí lẹ́tà náà bá ti wọ Sent, ó ti tò.

Ní ti mẹ́ta tó wà ní Drafts, ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì ọ̀gá wà níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n ránṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ ni ọ̀gá máa rí lórí wọn, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ wọ́n, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ àbẹ̀wò sí ìlà àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tẹ Clear storage tàbí kí ẹ yọ Gmail kúrò kí ẹ tún un gbé sí i, ẹ má ṣe é báyìí. Orí fóònù yín nìkan ni lẹ́tà tí ẹ kọ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà títí tí Gmail á fi ráyè gbé e lọ sórí àkáǹtì yín. Tí ẹ bá nù ún kó tó lọ, kò sí ibi tí a ti máa wá a.