Kòṣeémánìí kì í ṣe "ó ti tó"

"Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ mi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àròkọ mi pé mo sọ kòṣeémánìí di ohun tó tó. Kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì?"

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: kò ṣe é má ní. Bí kò bá sí, nǹkan tí à ń wí kò lè wáyé. Ìgbà tí kò bá sí nìkan ló ń sọ. Kò ṣèlérí kankan nípa ìgbà tó bá wà. "Ó tó" ló ń ṣèlérí: bó bá ti wà, nǹkan náà dé nìyẹn. Igi tó ń jó kò lè máa jó lọ láìsí ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ọ́síjìn wà nínú yàrá tí ẹ jókòó sí báyìí, iná kò sì sọ. Nígbà tí àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe, wọn ò sọ pé igbó lè wà láìsí igi.

Nínú àròkọ, àárín gbólóhùn méjì ni àṣìṣe yìí máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ wo èyí: "Kò sí ẹni tó lè kọ̀wé dáadáa láì jẹ́ òǹkàwé. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kàwé púpọ̀ yóò kọ̀wé dáadáa." Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé òótọ́ ni gbólóhùn kìíní. "Nítorí náà" yẹn ló tàn wá jẹ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń kàwé tọ̀sán-tòru tí kò sì lè to gbólóhùn mẹ́ta pọ̀ ti tó láti wó ìkejì, kò sì ní fọwọ́ kan ìkíní rárá. Ohun tó tẹ̀ lé ìkíní ní tòótọ́ ni pé ẹni tí kì í kàwé kò ní lè kọ̀wé dáadáa.

N kò dá yín lẹ́bi púpọ̀. Bí òbí bá sọ fún ọmọ pé, "O ò ní jáde àyàfi tí o bá parí iṣẹ́ rẹ," ọmọ á gbọ́ ọ bí ìlérí: mo parí, mo ń lọ. Òbí náà sì sábà máa ń ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ, ohun tí ẹ kọ nìkan ni òǹkàwé rí.

Àṣìṣe náà tún máa ń yí ẹ̀yìn padà. Nọ́ńbà tí 4 bá pín láìṣẹ́kù, 2 náà á pín in. Ìyẹn ti tó. Ẹnì kan wá kọ ọ́ pé 4 kò pín 10 láìṣẹ́kù, nítorí náà 2 kò lè pín in. Bẹ́ẹ̀, 2 pín 10 sí ọ̀nà 5 géérégé.