Fíìmù wo la máa wò? Bí ẹ ṣe lè fìbò yanjú ẹ̀ nínú gúrúùpù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àwa mọ́kànlá la wà nínú gúrúùpù WhatsApp wa, a fẹ́ jọ wo fíìmù nílé mi lálẹ́ Sátidé. Ìgbà tá a ṣe é gbẹ̀yìn, a dìbò, fíìmù ogun ló wọlé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń kùn. Báwo ni kí n ṣe kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ètò o. Fíìmù wíwò ni mò ń ṣètò fáwọn ẹgbẹ́, ohun tí mo sì rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí yín ni pé ẹnì kan, ìbò kan lẹ dì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé fíìmù ogun ní ìbò mẹ́rin, àwàdà kan ní mẹ́ta, àwàdà kejì ní méjì, ti olólùfẹ́ náà ní méjì. Ogun wọlé lóòótọ́, àmọ́ èèyàn méje ni ò yàn án, àwọn márùn-ún tó fẹ́ rẹ́rìn-ín sì ti pín ara wọn sí méjì. Tẹ́ ẹ bá gbà kí kálukú máàkì gbogbo èyí tó lè wò, àwọn márùn-ún yẹn á máàkì àwàdà méjèèjì, táwọn méjì tó fẹ́ ti olólùfẹ́ bá tún máàkì àwàdà àkọ́kọ́ mọ́ tiwọn, ìbò méje nìyẹn, ogun ṣì wà ní mẹ́rin.

Nínú WhatsApp, ẹ tẹ ibi tẹ́ ẹ ti máa ń so fọ́tò mọ́ mẹ́sẹ́ẹ̀jì, ẹ mú `Poll`, kẹ́ ẹ rí i pé `Allow multiple answers` wà ní títàn. Ó máa gba fíìmù tó tó 12 o, àmọ́ mẹ́rin ti tó, torí tó bá ti pọ̀ jù àwọn èèyàn ò ní kà á dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbi tẹ́ ẹ ti máa wò ó, kó má lọ jẹ́ pé èyí tó wọlé gan-an lẹ ò ní rí. Kẹ́ ẹ tó fi ìbò ránṣẹ́, ẹ kọ báyìí:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká jọ wo fíìmù nílé mi ní Sátidé, aago méje alẹ́. Mẹ́rin ń bọ̀ nísàlẹ̀, gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá lè jókòó wò tán ni kẹ́ ẹ máàkì. Ẹni tí ò bá ní lè wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìbò. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni màá kà á. Tí méjì bá jọ gba iye kan náà, èyí tó kúrú jù la máa wò."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má yọ ọ́ o, torí tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí ìbò dọ́gba kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀ ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ti ẹni tí ò ní wá náà ṣe pàtàkì, ìbò ẹ̀ lè gbé fíìmù tí ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀ ò fẹ́ wọlé. Tẹ́ ẹ bá tẹ `View votes`, orúkọ kálukú máa hàn, ẹ lè rí tẹni tó ti sọ pé òun ò ní wá kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye. Èèyàn ṣì lè pààrọ̀ ìbò ẹ̀ lẹ́yìn tó ti dì í, torí náà tí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ fíìmù tó wọlé sínú gúrúùpù lójú ẹsẹ̀.