Ibi tí omi ti wá ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń fi Blender orí kọ̀ǹpútà ya ilé bàbá bàbá wa ní Òṣogbo kí àwọn bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀. Ewédò, ipa òjò àti ọ̀dà tó ti ṣá tí mo fi sára rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Níbo ni mo ti ń ṣì í?”

Ẹ kú iṣẹ́ náà o. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí, owó ẹbí kan sì bá a lọ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní apá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, páànù ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà yí àwọn fèrèsé rẹ̀ ká, bí a ṣe ń rí i lára àwọn ilé tí àwọn Àgùdà mú ọgbọ́n rẹ̀ ti Bùràsíìlì dé. Ìsàlẹ̀ ògiri náà pọ́n láti ilẹ̀ títí dé nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí mo ń yà á, mo mú gíga láti `Geometry`, mo gbà á kọjá nínú `Separate XYZ`, mo sì so `Z` mọ́ `ColorRamp`, ni àwọ̀ pupa bá jáde ní ìlà gbọọrọ kan yí ilé náà ká, tó nípọn nísàlẹ̀ tó sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Ó dára lójú mi. Bíríkìlà tí ẹbí náà gbà wo àwòrán yìí, ó ní omi ló ń fà gòkè láti inú ìpìlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tó ki dáadáa bo gbogbo ìsàlẹ̀ ilé náà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin tó wà nínú amọ̀ kò rí ibi gbà jáde mọ́, omi sì tún ń gba ojú ibi tí sìmẹ́ńtì tuntun ti pàdé ti àtijọ́ wọlé. Kí òjò ọdún kejì tó dá, sìmẹ́ńtì náà ti wú, ó sì já lulẹ̀ tòun ti amọ̀ tó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Èmi ni mo ṣi bíríkìlà náà lọ́nà, nítorí pé ìlà gbọọrọ tí mo yà ni àmì omi tó ń gòkè láti ìpìlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lára ilé náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Mo padà lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ilé náà kò ní gọ́tà lábẹ́ etí òrùlé, nítorí náà ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já sílẹ̀ ní nǹkan bíi 45 sẹ̀ǹtímítà sí ògiri, ó ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa ibẹ̀ di kòtò tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo bó sì ṣe ń já ló ń ta erùpẹ̀ sára ògiri. Nígbà tí mo wò ó ní ìwọ̀n apá kan sí ojú mi, mo rí i pé nísàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti bo ògiri pátápátá, lókè díẹ̀ ó di tótòtó, bí ìgbà tí ènìyàn gbọn búrọ́ọ̀ṣì tó kún fún ọ̀dà, lókè pátápátá ó wá ku ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kò lè dé, ògiri mọ́. Ara ògiri nínú yàrá náà gbẹ. Tí ó bá jẹ́ omi ìpìlẹ̀ ni, inú yàrá ìbá tutù pẹ̀lú, kò sì ní yọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, à bá sì rí iyọ̀ funfun tó hó síta ní etí òkè ibi tó tutù náà. Gọ́tà àti ojú ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ kúrò ní ìdí ògiri ni ilé náà nílò.

Fún ìdí èyí, tí ẹ bá fẹ́ ya ẹrẹ̀ tó ta sára ògiri, ẹ má ṣe lo `ColorRamp` nìkan. Ẹ fi téèpù wọn gíga rẹ̀ ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí kì í dọ́gba, kí ẹ sì fi ọwọ́ kun ún nínú `Texture Paint` pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó ń ta tótòtó, kí ẹ yọ gbogbo ibi tí òrùlé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bò sílẹ̀.

Lórí ipa òjò, àṣìṣe tí mo rí jù, tí èmi náà sì ṣe, ni kí a mú àwòrán ìdọ̀tí tí a rí gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí a nà án sí ìsàlẹ̀ kí a sì tẹ́ ẹ sára gbogbo ògiri. Ipa òjò máa ń ní orísun. Ẹ wo fèrèsé kan dáadáa: omi tó bọ́ sórí pèpéle ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣàn lọ sí igun méjèèjì, ibẹ̀ ló sì ti ń já, nítorí náà ìlà dúdú méjì la sábà máa ń rí lábẹ́ fèrèsé, ọ̀kan ní igun ọ̀tún, ọ̀kan ní igun òsì, tí àárín wọn á sì mọ́ díẹ̀. Òkè ni ìlà náà ti ń dúdú jù, etí rẹ̀ sì máa ń mú níbẹ̀. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń ṣá. Tó bá dé orí ọnà sìmẹ́ńtì tó yọ síta, ó máa ń dúró, omi á ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó tún ti já. Ìlà tó bá gba orí irú ọnà bẹ́ẹ̀ kọjá tààrà láìyà kì í ṣe ipa òjò, ẹni tó bá sì ti mọ ilé á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni. Ìṣó páànù tó ti dógùn-ún náà máa ń fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti osùn. Èyí tó dúdú lábẹ́ fèrèsé kì í sábàá jẹ́ èéfín ní ìlú wa: ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, tó ń gbé níbi tí omi ti ń kọjá léraléra. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ dúdú kan náà kun àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ewédò ló gba sùúrù jù. Àwọn ìwé àti fídíò tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ògiri tó kọjú sí àríwá ni ewédò máa ń wà. Òtítọ́ ni ní Yúróòpù, nítorí pé gúúsù ni oòrùn ọ̀sán wọn máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Òṣogbo wà ní nǹkan bíi dígírì 7.8 péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ni oòrùn ọ̀sán ti ń kọjá sí àríwá wa, kò sì ní padà sí gúúsù títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Àwọn oṣù òjò gan-an nìyẹn. Ògiri gúúsù kì í rí oòrùn ọ̀sán nígbà tí omi pọ̀ jù, atẹ́gùn tó ń gbé òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ wá láti apá òkun sì tún ń fẹ́ lù ú. Lára ilé tí mo sọ yìí, ògiri gúúsù ni ewédò ti nípọn. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ sí àríwá nínú àwòrán mi àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe sọ èyí di òfin. Igi máńgòrò kan tàbí ilé aládùúgbò tó dí oòrùn lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ibi tí ewédò ti pọ̀ jù lára ilé yẹn ni ẹ̀yìn ilé ìdáná, lábẹ́ páànù tó ti jẹ ihò, ibi tí ewédò bá sì ti tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo ìyókù ti gbẹ, ẹ gbé ojú sókè wá ibi tó ń jò. Ewédò inú oṣù keje á tutù, á wú díẹ̀, á sì máa fa ìmọ́lẹ̀ mu. Nígbà ọyẹ́, ohun kan náà á ti sú, á lẹ̀ mọ́ ògiri bí èérí. Mo máa ń kọ oṣù tí mo ya fọ́tò sí ẹsẹ̀ àwòrán mi, kí ẹni tó bá wo ògiri náà nínú oṣù kejì má bàa rò pé ewédò ti kú tán.

Ọ̀dà ṣíṣá ni tó kẹ́yìn, òun ni mo sì ti pàdánù àkókò jù nítorí fọ́tò tí mo yà lẹ́yìn òjò. Tí ọ̀dà bá ti gbó, oòrùn á ti jẹ ohun tó so ó pọ̀, ojú rẹ̀ á sì di ẹfun. Tí ẹ bá fi ìka pa á, funfun á mọ́ ìka yín. Ẹ rẹ àkísà sínú omi, kí ẹ fi nu ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó rí i tí àwọ̀ tó wà níbẹ̀ á padà jinlẹ̀, á sì tún ṣá bí ó bá ti gbẹ. Lára ilé yẹn, ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àwọ̀ eérú di búlúù lábẹ́ àkísà. Nítorí náà, ẹ dúró kí ògiri gbẹ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ẹ ya fọ́tò nígbà tí ìkùukùu bo oòrùn, kí ẹ sì gbé káàdì aláwọ̀ eérú sínú fọ́tò kí àwọ̀ lè péye. Ojú ẹfun kì í dán: ẹ gbé `Roughness` sókè dé nǹkan bíi 0.9, kí ẹ sì dín agbára àwọ̀ kù nínú `Base Color` dípò kí ẹ kàn da funfun lé e.

Ògiri ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn ló máa ń ṣá jù níbí, torí pé òrùlé kò lè bò wọ́n ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn wà nísàlẹ̀. Ti ìlà oòrùn tún máa ń ní ipa òjò púpọ̀ sí i, nítorí pé ìjì líle àwọn oṣù kẹta sí ìkarùn-ún sábà máa ń ti apá ibẹ̀ wá. Àwọ̀ tó kù tí kò tíì ṣá máa ń wà ní ibi tí oòrùn kò dé: lábẹ́ etí òrùlé gan-an, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn fèrèsé tó máa ń ṣí sílẹ̀, tàbí níbi tí wọ́n ti fi pátákó kọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ gba àwọ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ṣe àwòrán kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti ṣá, nítorí pé òun ni akunlé máa bi yín léèrè ní ọjọ́ tó bá dé pẹ̀lú garawa rẹ̀.