Kí ló ń jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì fa ọ́síjìn?

Ẹ jọ̀ọ́, bọ́ńdì méjì ni O2 ní, gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀ sì pé méjì-méjì tí mo bá yà á, kí ló wá dé tí mágínẹ́ẹ̀tì fi ń fà á?

Àwòrán Lúísì tó o yà yẹn ló ń tàn ẹ́, ya dáyágíràmù ọ́bítà mọ́líkù. Ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 6 níta, àpapọ̀ ẹ̀ 12. Bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀: 2 sí σ2s, 2 sí σ*2s, 2 sí σ2p, 4 sí π2p méjèèjì, ó wá ku 2. π*2p ló kàn, méjì ni wọ́n, agbára wọn sì dọ́gba, torí náà kálukú á gba ọ̀kan, bí èrò inú dánfó tó ṣófo tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti ẹlòmíì nígbà tí síìtì ṣì wà. Àwọn méjì tó dá wà yẹn ni mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, kódà ọ́síjìn olómi máa ń so rọ̀ láàárín ẹnu mágínẹ́ẹ̀tì tó bá lágbára.

Iye bọ́ńdì ńkọ́? Mú èyí tó ń so wọ́n pọ̀, yọ àwọn tó wà níbi tó ní ìràwọ̀, kó o pín in sí méjì: (8 − 4) ÷ 2 = 2, kò yí padà. N2 ní 10 péré, π*2p ẹ̀ ṣófo, (8 − 2) ÷ 2 = 3, kò sí èyí tó dá wà, mágínẹ́ẹ̀tì ò lè fà á.

Ṣọ́ra fún B2 o. Láti ibẹ̀ títí dé N2, π2p ló wà nísàlẹ̀ σ2p, tó o bá gbé σ2p ṣáájú wàá ní gbogbo wọn pé méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, méjì ló dá wà níbẹ̀ náà.