Picture Mode wo ló yẹ fún bọ́ọ̀lù, èwo ni ti fíìmù?

"Ẹ jọ̀ọ́, Standard, Vivid, Sports àti Cinema ló wà lórí tíìfí mi, èwo ni kí n máa fi wo kí ni?"

Fíìmù àti siríìsì, Cinema ni kẹ́ ẹ fi sí, àwọn tíìfí míì ń pè é ní Movie. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i síbẹ̀ á dà bíi pé ó ṣókùnkùn tó sì pọ́n díẹ̀, ẹ má tíì yí i padà o, ẹ jẹ́ kó mọ́jú yín lára ná, torí funfun tí Vivid ti fi kọ́ ojú yín, búlúù ló pọ̀ nínú ẹ̀, ti Cinema ló sún mọ́ àwọ̀ táwọn tó ṣe fíìmù yẹn fẹ́ kẹ́ ẹ rí.

Sports wà fún bọ́ọ̀lù lóòótọ́. Ó máa ń mọ́lẹ̀ dáadáa, lórí ọ̀pọ̀ tíìfí ó tún máa ń dá àwòrán tiẹ̀ kún èyí tó ń wọlé kí bọ́ọ̀lù tó ń sáré má bàa fa ìrù. Àmọ́ àwòrán 24 ni fíìmù máa ń ní láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí tíìfí bá ti kún un, ìrìn àwọn òṣèré á kàn máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ayédèrú.

Vivid? Ọ̀sán gangan tóòrùn bá wọ pálọ̀, àbí kátúùnù àwọn ọmọ. Tẹ́ ẹ bá fi wo bọ́ọ̀lù, ẹ wo jẹ́sì funfun lára agbábọ́ọ̀lù, tẹ́ ò bá rí ibi táṣọ ti ká jọ mọ́, ẹ dín Contrast kù.

Ìròyìn àtàwọn ètò yòókù, Standard ti tó.