Èsì: Ohun tí ìwé ìjọba kò sọ nípa Alinesitoué

"Nígbà tó jẹ́ pé ìwé àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nílẹ̀, báwo ni òpìtàn ṣe ń mọ bí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ṣe rí gan-an?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Alinesitoué Diatta, obìnrin ẹ̀yà Diola láti Kabrousse ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà. Ní 1942, lásìkò ọ̀dá, ó ní Emitai, Ẹlẹ́dàá wọn, ló rán òun. Ìjọba Faransé mú un ní 1943, wọ́n lé e lọ sí Timbuktu, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1944.

Ìwé ìjọba kà á sí ọlọ̀tẹ̀, torí ìrẹsì àti màlúù ni wọ́n ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà la ti gbọ́ nípa Kasila, ètùtù òjò tí olówó àti tálákà ti jọ ń jẹun, àti ìkìlọ̀ rẹ̀ pé kí ẹ̀pà má gba ipò ìrẹsì ìbílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu pẹ̀lú máa ń yí. Láti ìgbà tí ìjà òmìnira Casamance, agbègbè tí Kabrousse wà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọ̀pọ̀ ti sọ Alinesitoué di akọni òṣèlú. Ìdí nìyẹn tí òpìtàn fi ń gbọ́ ìtàn kan náà ní abúlé púpọ̀, tó sì ń fi í wé orin àti ètùtù tó ṣì wà. Ó gba sùúrù o, torí àwọn aláwo ojúbọ kì í tú àṣírí fún ẹni tí wọn ò tíì mọ̀.