Títẹ ẹsẹ àdéhùn ilé nígbà tí fọ́tò rẹ̀ kò ṣí mọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé kan ní Yábàá ni mo fẹ́ gbà fún ìyá mi láti Kánádà níbí. Àbúrò mi ya fọ́tò ẹsẹ tó sọ nípa nótíìsì nínú ìwé àdéhùn, àmọ́ fọ́tò náà kò ṣí lórí Wásáàpù mọ́, kámẹ́rà fóònù rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ìwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá tẹ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ránṣẹ́, ṣé mo lè fún lọ́yà kí a tó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

Ẹ lè fún lọ́yà, bí àbúrò yín bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà gan-an, tí ẹnì kan sì kà á síta fún yín láti inú ìwé. Kíkà yẹn ni ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́. Díẹ̀ ló kù kí àìṣe bẹ́ẹ̀ ṣàkóbá fún mi.

Ilé kan ní Sùúrùlérè ni mo ń gbà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà náà, ọmọ àǹtí mi ló sì ń bá mi sáré kiri l'Ékòó. Ohun tó tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nìyí:

```
4(c) The Lessee shall give the Lessor one (1) month notice in writing.
```

Ohun tó wà nínú ìwé sì nìyí:

```
4(c) The Lessor shall give the Lessee one (1) month notice in writing.
```

Ẹ wò ó dáadáa. "Lessor" ni onílé, "Lessee" ni ayálégbé. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló máa sọ fún onílé ní oṣù kan ṣáájú kó tó kó jáde, ìyẹn kò sì le. Nínú ti kejì, onílé ló lè fún un ní oṣù kan péré kó fi wá ilé míì. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe aláìmọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni kò tan mí jẹ. Ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ṣì í lójú. Fóònù rẹ̀ kò sì fa ìlà pupa sábẹ́ nǹkan kan, torí pé ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Lọ́yà tí mo fi hàn kà á, ó ní kò sí wàhálà. Òótọ́ ló sọ, lórí ohun tí a fún un.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gba ìṣọ́ra nìyí. Nínú òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011, abala 13 fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní nótíìsì oṣù 6. Ṣùgbọ́n ibi tí onílé àti ayálégbé kò bá ti kọ iye tiwọn sínú àdéhùn ni iye yẹn wà fún. Bí wọ́n bá ti kọ oṣù kan síbẹ̀, oṣù kan yẹn ni onílé máa dì mú. Yábàá àti Sùúrùlérè wà lábẹ́ òfin náà. Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà ni òfin náà yọ sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń gbà níbẹ̀ kó má fi ohun tí mo sọ yìí ṣe tirẹ̀.

Ohun tó gbà mí ni pé mo pe ọmọ àǹtí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kó gbé ìwé fún ìyàwó rẹ̀ kó máa kà á, èmi sì gbé ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ síwájú lórí kọ̀ǹpútà mi. Ìwé ló kà, kì í ṣe fóònù. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ka ohun tó tẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ náà ló máa kà. Nígbà tó pe ọ̀rọ̀ kejì, mo ní kó dúró, kó pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni a ti rí i.

Nípa títẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ní kí àbúrò yín kọ́kọ́ pa "Auto-correction" inú kíbọ́ọ̀dù fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó máa tẹ ìlà bó ṣe wà lórí ìwé: ibi tí ìlà bá parí sí lórí ìwé ni kó ti sọ̀kalẹ̀ lórí fóònù. Kò ní dára lójú, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú irú ìwé báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà máa ń wà ní ìlà méjì tó tẹ̀ léra, ojú a sì fo láti orí ti òkè sórí ti ìsàlẹ̀, odindi ìlà kan a bọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, torí pé gbólóhùn tó kù ṣì máa ní ìtumọ̀. Bí ẹsẹ náà bá jẹ́ ìlà 9 lórí ìwé tó wá di 8 lórí fóònù, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan kan ti sọnù.

Kó má tún nǹkan kan ṣe. Bí ìwé bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kó ṣì í kọ bẹ́ẹ̀. Bí iye bá wà ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kó tẹ méjèèjì, torí pé nígbà míì wọn kì í bára mu, lọ́yà sì gbọ́dọ̀ rí i. Ibi tí kò bá hàn, kó fi àmì ìbéèrè mẹ́ta síbẹ̀, kó má ṣe méfò.

Lẹ́yìn náà, kó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Mo ti rí ẹsẹ tó dà bíi pé ó parí nísàlẹ̀ ewé, tó wá bẹ̀rẹ̀ lókè ewé kejì pẹ̀lú "PROVIDED THAT". Ọ̀rọ̀ méjì yẹn túmọ̀ sí pé àfi tàbí májẹ̀mú kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè gba ohun tí apá òkè fún yín padà. Bí ẹsẹ nótíìsì náà bá dárúkọ ẹsẹ míì, kó tẹ ìyẹn náà.

Àwọn nǹkan kan wà tí títẹ̀ kò lè gbé dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ bi í léèrè lẹ́nu: ṣé wọ́n fi bírò fa ìlà lé ọ̀rọ̀ kankan? Ṣé wọ́n fi ọwọ́ kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́? Ṣé ọ̀dà funfun ìpàwérẹ́ wà níbì kan? Bí ó bá wà, ṣé àwọn tó ń ṣe àdéhùn kọ lẹ́tà orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Ní ti Mọ́ńdè, ohun tí a tẹ̀ dára fún lọ́yà láti sọ èrò rẹ̀ kí òpin ọ̀sẹ̀ má bàa lọ lásán. Kò tó fún fífọwọ́sí. Ní ọjọ́ Sátidé, kí àbúrò yín gbé ìwé náà lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Yábàá, kí wọ́n ṣe sikáànì gbogbo ewé rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Kó dúró títí ẹ ó fi ṣí i kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ nótíìsì wé ohun tó tẹ̀, ẹ sì fi sikáànì náà ránṣẹ́ sí lọ́yà. Bí ejẹ́ńtì bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i kí lọ́yà tó rí i, ẹ sọ fún un pé ó di Túsìdeè.

Ẹ lè fi ẹsẹ náà síbí bí ẹ bá fẹ́ ká bá yín wò ó. Ẹ kàn yọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àkáǹtì kúrò.